Kọ́ńgò Ẹ̀wà Ló Ń Darí Kàlẹ́ńdà Fídíò Wa

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí nọ́ńbà méjì kan kò kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀kan jẹ́ 4,300, iye ìgbà tí wọ́n wo fídíò kan tí mo yà fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta mọ́ínmọ́ín ní Ìbàdàn. Èkejì jẹ́ 17, iye mọ́ínmọ́ín tó ṣẹ́kù sínú kúlà wọn ní ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí fídíò náà jáde. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo fi gé fídíò yẹn, tí mo fi orin sí i, tí mo kọ ọ̀rọ̀ sí i lára. Àwọn tó wò ó lórí TikTok yìn ín gan-an. Ẹnì kan kọ ọ́ láti Kánádà pé ó rán òun létí ilé. Ẹlòmíràn bèèrè láti Àbújá bóyá a lè fi ránṣẹ́ sí òun.

Ẹ̀gbọ́n mi ka gbogbo rẹ̀, wọ́n ní, "O ṣeun, àbúrò mi." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí kúlà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín mọ́ínmọ́ín 17 náà fún àwọn ará ilé àti ará àdúgbò. Wọn ò bá mi wí rárá, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Ẹ̀wà wọn ni, epo wọn ni, ewé wọn ni.

## Ètò tó kú ní ọjọ́ karùn-ún

Kì í ṣe pé n kò ní ètò. Mo ti kọ ètò ọ̀sẹ̀ méjì sínú ìwé, fídíò kan fún ọjọ́ kan, 14 lápapọ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní wà fún ṣíṣa ẹ̀wà, ọjọ́ kejì fún bíbó rẹ̀, ọjọ́ kẹta fún ata, ọjọ́ kẹrin fún ìtàn bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ̀rẹ̀ òwò, ọjọ́ karùn-ún fún bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn. Àfi ìgbà tí ọjọ́ karùn-ún pé, tó bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í pọ́n mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni wọ́n ń sè é.

Kí ètò mi má baà já, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n se díẹ̀, kí n lè rí nǹkan yà. Wọ́n bó ẹ̀wà ìdajì kọ́ńgò, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n ra ewé, wọ́n dáná. Iṣẹ́ ọ̀sán gbáko ni, fún fídíò tí kò tó ìṣẹ́jú kan, láìsí oníbàárà kankan tó ń dúró de ohun tó wà nínú ìkòkò. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pa ìwé náà tì, tí mo wá ń ya ohunkóhun tí mo bá rí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé orí fídíò oní-4,300 yẹn.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo wo òwò oúnjẹ bí ẹni tó ń wo ilé ìròyìn. Mo rò pé fídíò ló yẹ kó máa jáde lójoojúmọ́, kí ìkòkò wá tẹ̀lé e. N kò tíì bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi rí pé ọjọ́ wo, àti aago mélòó, ni wọ́n ń pinnu iye tí wọ́n máa sè.

## Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo rí ìdáhùn, láìjẹ́ pé mo wá a. Aago 8 alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n máa rà ní ọjà Bódìjà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ti kọ ata rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà, edé àti ewé eéran. Níwájú ẹ̀wà, wọ́n kọ 2, wọ́n sì gbé kálámù dúró.

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń rò. Wọ́n ní, "Mo ń méfò ni. Bí mo bá ra kọ́ńgò mẹ́ta tí wọn ò rà á tán, mo wọ gbèsè. Bí mo bá ra méjì, tí àwọn èèyàn bá dé lẹ́yìn aago 9, ó ti tán." Kọ́ńgò kan ń mú nǹkan bí 30 mọ́ínmọ́ín wá lọ́wọ́ tiwọn. Nítorí náà, 60 tàbí 90 ni wọ́n ń yàn láàárín rẹ̀, láìmọ̀.

Ibi tí a ti ń sọ ọ́ ni ohùn oníbàárà kan ti wọlé sórí WhatsApp. Obìnrin náà ní àlejò ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n bá òun fi 10 sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa ìlà sára 2, wọ́n kọ 2 àti ààbọ̀. Wọ́n wá sọ ohun tí n kò lè gbàgbé: "Tí wọ́n bá sọ fún mi lálẹ́ yìí, ẹ̀wà wọn á wọ inú àpò. Tí wọ́n bá sọ ọ́ lọ́la ọ̀sán, mo ti ti ọjà dé."

Aago 11 àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo gbé fídíò oní-4,300 yẹn jáde. Ní aago yẹn, àwọn tó fẹ́ fi mọ́ínmọ́ín mu ògì ti jẹun tán. Àwọn tó fẹ́ ẹ lọ́sàn-án ti gbé ìrẹsì kaná. Kò sí bí fídíò náà ṣe lè dára tó tó lè ta ẹyọ kan ní aago yẹn, nítorí ìpinnu àwọn tó ń rà á ti kọjá, ìpinnu ẹni tó ń sè é náà sì ti kọjá. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, n kò sì kàn án.

## Kíkà á padà láti orí ìkòkò

A mú ìwé mìíràn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. N kò kọ fídíò kankan sí i. Ohun tí a kọ́kọ́ kọ ni aago tí ìkòkò ń sọ̀ kalẹ̀, a wá ń kà á padà sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìkòkò gbọ́dọ̀ sọ̀ ní aago 8. Ìkòkò tó kún ń gba nǹkan bíi wákàtí kan lórí iná, ó sì tún ń gba èèyàn méjì ní wákàtí kan kí wọ́n tó pọ́n 60 sí 90 tán. Ẹlẹ́rọ tó wà ládùúgbò ń ṣí kété lẹ́yìn ìrun àsùbáà, nítorí náà ẹ̀wà ti gbọ́dọ̀ wà ní bíbó láti alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Kó tó di pé a bó o, a ti gbọ́dọ̀ rà á láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì. Ohun tí a ń rà ní ọjà ni oníbàárà ń pinnu lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni kíkà náà dúró.

Ọjọ́rú yàtọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jẹ tibẹ̀, ìkòkò ń sọ̀ ní aago 4 ààbọ̀, kí àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lè bá a ní gbígbóná. Ẹ̀wà ti wà nílé, aago 9 àárọ̀ ni wọ́n ń rẹ ẹ́. Alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìpinnu tiẹ̀. Ìkòkò mẹ́rin ló wà nínú ọ̀sẹ̀ méjì, ìpinnu mẹ́rin sì ni. Lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ 14 tó ń dẹ́rù bà mí tẹ́lẹ̀ kò tún jẹ́ 14 mọ́.

Fún ìkòkò kọ̀ọ̀kan, a fi fídíò méjì sí i. Èkíní ni mo ń pè ní ìpè: ó ń jáde lálẹ́ ìpinnu, ohun kan ṣoṣo ló sì ń béèrè, pé mélòó ni kí a fi sílẹ̀ fún yín. Èkejì ni ẹ̀rí: ó ń jáde nígbà tí a bá ń ṣí ìkòkò, ó ń jẹ́ kí ẹni tó ti san owó mọ̀ pé oúnjẹ òun ti jinná, ó sì ń mú kí ẹni tí kò bèèrè lálẹ́ ìpè rántí láti bèèrè ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìpè mẹ́rin, ẹ̀rí mẹ́rin. A wá fi fídíò ìdáhùn méjì sí ìbéèrè àwọn oníbàárà kún un fún ọjọ́ tí kò sí ìkòkò, ó di fídíò 10 fún ọjọ́ 14. Àwọn ọjọ́ yòókù, a fi wọ́n sílẹ̀ láìsí nǹkan. Ọwọ́ ẹni tó ń bó ẹ̀wà, tó ń pọ́n ọn, tó tún ń tà á, kò lè ya fídíò lójoojúmọ́ kó má sì pa ohun kan lára.

## Ibi tí ìdáhùn ti wá

Ìdáhùn méjì yẹn, n kò ronú wọn jáde. Mo gba fóònù ẹ̀gbọ́n mi, mo ka ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà kọ láti oṣù méjì sẹ́yìn. Ó tó wákàtí kan. Mo ń fa ìlà kan sínú ìwé fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní ìlà jù ni, "Ṣé ewé ni àbí ọ̀rá?" Èyí tó tẹ̀lé e ni, "Kí ló wà nínú rẹ̀?" Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìbéèrè ata, láti ẹnu àwọn tó ń ra fún ọmọdé, àti ìbéèrè bóyá ó lè sùn di ọjọ́ kejì.

Kò sí ẹnì kan tó bèèrè bí a ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Kò sí ẹni tó bèèrè ìtàn bí òwò ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ètò mi àkọ́kọ́ kò kan ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ra mọ́ínmọ́ín. Ìbéèrè tó bá ń jáde lẹ́nu oníbàárà lẹ́ẹ̀mẹ́fà ni fídíò, torí pé fún ẹni kan tó bèèrè, àwọn mìíràn wà tí wọ́n ní ìbéèrè kan náà, tí wọ́n kàn lọ rà á níbòmíràn.

Ìbéèrè kan tún jáde tó jẹ́ ti èmi fúnra mi: ta ló ń rí fídíò wa? Orí TikTok, ẹnikẹ́ni níbikíbi lè rí i. Àmọ́ mọ́ínmọ́ín gbígbóná kò lè dé Àbújá. Àwọn tó wà nítòsí, tí ọlọ́kadà lè gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó tutù, orí Status WhatsApp ni wọ́n wà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nípa Status tí ọ̀pọ̀ olóúnjẹ kò kíyè sí: ẹni tí o kò fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ kò lè rí tìrẹ, ẹni tí kò sì fi nọ́ńbà tìrẹ pamọ́ kò lè rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní oníbàárà tó ti ń rà fún ọdún kan tí nọ́ńbà wọn kò lórúkọ nínú fóònù. A lo ìrọ̀lẹ́ kan láti fi nọ́ńbà 70 àti díẹ̀ pamọ́, pẹ̀lú orúkọ àti àdúgbò. Fún ìdajì kejì iṣẹ́ náà, a fi gbólóhùn kan sí òpin ìpè àkọ́kọ́: "Ẹ fi nọ́ńbà yìí pamọ́, kí ẹ lè máa rí ọjọ́ tí a bá ń sè."

## Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, àti ọ̀rọ̀ ooru

Ọjọ́ Ajé, ìdáhùn àkọ́kọ́: ewé ni, kì í ṣe ọ̀rá. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wà nínú fídíò náà. Wọ́n nu ewé eéran méjì, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn, wọ́n ká wọn bí àrọ, wọ́n ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn kó má jò, wọ́n bu ẹ̀wà sí i, wọ́n pa á dé. Ìṣẹ́jú-àáyá 14. Ibi ṣíṣẹ́ ìdí ewé yẹn ni àwọn èèyàn ń tún wò, wọ́n sì ń bèèrè bó ṣe rí. Bí ewé bá ya níbẹ̀, omi ìkòkò á wọ inú rẹ̀, mọ́ínmọ́ín á rọ̀ jọ̀ǹtọ̀, ìdí nìyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń lo ewé méjì dípò ọ̀kan. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nínú fídíò, gbólóhùn kan péré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní aago 7 ààbọ̀ alẹ́, ìpè. A ti yà á láti Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú. Mọ́ínmọ́ín kan wà lórí àwo, ọwọ́ ń tú u, ẹyin àti edé ń yọjú. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ń sọ pé, "Lọ́la Ọjọ́rú, ìkòkò á sọ̀ ní aago 4 ààbọ̀. Mélòó ni kí n fi sílẹ̀ fún yín?" Kò sí orin. N kò jẹ́ kí wọ́n sọ iye owó lẹ́nu, orí fídíò ni mo kọ ọ́ sí. Owó ẹ̀wà kì í dúró sójú kan, bí owó bá wà nínú ohùn, fídíò náà di aláìwúlò lọ́jọ́ tí iye rẹ̀ bá yí padà. Bó bá jẹ́ kíkọ, mo lè pa á rẹ́ kí n kọ òmíràn, kí fídíò kan ṣoṣo sì ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́rú, ẹ̀rí. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ooru. Fídíò ìkòkò tó ń ṣí ni gbogbo olóúnjẹ ń fẹ́ yà, òun náà ló sì máa ń bàjẹ́ jù. Mo tẹ̀ síwájú kí n lè súnmọ́ ọn, ooru bo ojú kámẹ́rà, gbogbo rẹ̀ sì funfun bí ìkùukùu. Ìgbà kejì, mo dúró jìnnà, ooru kò hàn rárá, bí ẹni pé oúnjẹ àná ni. Ohun tó ṣe é ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Mo ní ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi, ògiri funfun sì wà lẹ́yìn ìkòkò. Ooru kì í hàn lójú ògiri funfun. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a gbé ìkòkò sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wá, a ta aṣọ dúdú kan sí òdì kejì. Mo dúró ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ méjì, mo nu ojú kámẹ́rà, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi má ṣe ṣí ọmọrí lójijì, kí wọ́n rọra gbé e sí ọ̀dọ̀ ara wọn, kí ooru àkọ́kọ́ yà kúrò lọ́dọ̀ mi. Ooru náà dìde bí òpó. Ìṣẹ́jú-àáyá 12, láìgé ibì kankan.

Láàárín méjèèjì ni ìpè ti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ wà. Ẹ̀rọ ló fẹ́ ba ìyẹn jẹ́: mo ti ya ẹ̀wà lọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, ariwo rẹ̀ sì bo ohùn. Mo yọ ohùn náà kúrò, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ sínú fóònù nínú yàrá, nítòsí ibi tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́ sí, torí pé aṣọ máa ń gba ìró tó bá fẹ́ padà wá. Mo sì kọ ohun tí wọ́n sọ sí ìsàlẹ̀ fídíò, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo Status nínú ọkọ̀ àti níbi iṣẹ́ láìṣí ohùn rárá.

Ọjọ́ Ẹtì kò ní fídíò. Ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni, ní aago 6 àárọ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi tó wọ ọjà: "Mo ń lọ ra ẹ̀wà báyìí." Ọjọ́ Àìkú, ìsinmi.

## Ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn tí owó oṣù wọlé

A mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀sẹ̀ méjì tí owó oṣù máa wọlé láàárín wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, àwọn èèyàn ń ra méjì, mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìpè yí padà. Ìdáhùn ti Ọjọ́ Ajé ni "Kí ló wà nínú rẹ̀?", a sì fi mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje dá a lóhùn. Gbogbo Yorùbá ló mọ orúkọ náà, àmọ́ àwọn tó ń ra oúnjẹ fẹ́ fi ojú ara wọn ka ẹ̀mí yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kó ẹyin, ẹja, edé àti àwọn yòókù sí inú àwo kéékèèké, wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ewé, mo ń kọ nọ́ńbà sí i láti 1 dé 7. Wọ́n fi gbólóhùn kan parí rẹ̀: èyí tó wà fún ọmọdé kò ní ata rodo, ẹ ṣáà sọ fún mi kí n tó lọ̀ ọ́.

Ìpè ti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kò wá bèèrè fún méjì mọ́. Ó fi abọ́ ńlá kan hàn, 10 wà nínú rẹ̀, ó ní, "Fún àwọn tó ní àlejò." Ọ̀rọ̀ obìnrin ọjọ́sí yẹn ni, a kàn sọ ọ́ padà fún àwọn tó jọ ọ́.

Ìbéèrè bóyá ó lè sùn, a kò fi ṣe fídíò. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ̀. Wọ́n ní, "Tí mo bá sọ pé ó lè sùn, ẹlòmíràn á gbé e sórí tábìlì di àárọ̀ nínú ooru yìí, á kan, á ní èmi ló ṣe é." Ẹni tó bá bèèrè, wọ́n á dá a lóhùn fúnra wọn pé inú fíríìjì ni kí ó gbé e sí, kí ó sì tún un sè dáadáa kó tó jẹ ẹ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 15 kò láyè fún "àmọ́" àti "bí kò bá ṣe pé", oúnjẹ tó bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan sì lè pa òwò tí a fi ọdún mẹ́ta kọ́.

## Bí a ṣe mọ èyí tó tà

Nígbà tí ẹnì kan bá fèsì sí Status, èsì náà máa ń gbé àwòrán kékeré Status yẹn dání. Nítorí náà, kò sídìí láti máa bi ẹnikẹ́ni pé kí lẹ rí. Lálẹ́ ọjọ́ ìpè, mo kàn ń ka èsì, mo ń kọ orúkọ fídíò sí iwájú iye mọ́ínmọ́ín tí wọ́n bèèrè. Ìwé eléwé kan tó fún gbogbo rẹ̀.

Ìpè ti Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, èèyàn 96 ló wò ó. Mo ti rí 4,300 rí, ojú mi kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì. Àmọ́ nínú àwọn 96 yẹn, àwọn 13 kọ̀wé, iye tí wọ́n bèèrè sì jẹ́ 41. Aago 9 alẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀ pé kọ́ńgò méjì kò ní ṣẹ́kù. Ní aago 9 ààbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 60 ti tán.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló fi ààlà hàn wá. Ìpè abọ́ ńlá yẹn mú 104 wá. Ìkòkò ẹ̀gbọ́n mi kò gba ju 90 lọ, èèyàn méjì kò sì lè pọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ kí aago 8 tó lù. Mo fẹ́ kí wọ́n yá ìkòkò kan lọ́dọ̀ ìyá tó ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn oníbàárà tó ti ń rà tẹ́lẹ̀ ni àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá lóhùn, tí ti àwọn oníbàárà yẹn bá pẹ́ nítorí àjèjì, wọn ò ní padà mọ́. A pa ìpè rẹ́ kúrò lórí Status ní aago 9 ku ìṣẹ́jú 10 alẹ́, a sì kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn tó gbẹ̀yìn, a fún wọn ní ipò àkọ́kọ́ fún Ọjọ́rú. Nínú wọn, ẹni mẹ́ta gbà.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé pípa fídíò rẹ́ lásìkò wà lára iṣẹ́ kàlẹ́ńdà. Báyìí, iye tí ìkòkò gbà ni mo kọ sí òkè ìwé ètò, kó tó kan fídíò èyíkéyìí: 90. Bí iye tí wọ́n bèèrè bá ti dé 80, ìpè á kúrò, kí 10 tó kù lè wà fún àwọn tó máa ń fẹsẹ̀ ara wọn wá sí ẹnu ọ̀nà láìní fóònù lọ́wọ́. Àwọn ìyá àgbà méjì wà nínú wọn tó ti ń rà láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní Èkó lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo sì gbàgbé láti pe ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo rántí, aago 8 ti kọjá. Mo ṣí Status wọn, mo bá ìpè níbẹ̀ láti aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 10. Wọ́n fúnra wọn ló yà á. Ọmọ wọn ló di fóònù mú, ó ń mì díẹ̀, iná NEPA sì ti lọ, àtùpà lásán ló wà lórí àwo náà. Ohùn wọn ń sọ pé, "Ní Sátidé, aago 8. Mélòó ni kí n fi sílẹ̀ fún yín?"

Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fi méjì sílẹ̀ fún mi, mo ń bọ̀ láàárọ̀ Sátidé.